Ẹni Tó Ń Sọ fún Sẹ́ẹ̀lì Pé Kó Dúró

Ìwúkàrà kan wà ní yàrá ìwádìí Leland Hartwell ní Seattle, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ikú rẹ̀ ṣòro láti lóye. Ìwúkàrà burẹ́dì lásán ni, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń pò mọ́ ìyẹ̀fun kó lè wú, àmọ́ jíìnì kan tó ń jẹ́ RAD9 ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Bí wọ́n bá tan ìtànṣán ẹ́síréè sí ìwúkàrà tó pé, díẹ̀ á kú, ọ̀pọ̀ á yè é. Bí wọ́n bá tan ìwọ̀n kan náà sí èyí tí kò ní RAD9, òkú á sùn lọ bẹẹrẹ. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìtànṣán a máa já DNA, okùn tíntínrín tí àṣẹ gbogbo ara wà lórí rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé ìwúkàrà yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tún okùn tó já so.

Ted Weinert, tó ń bá Hartwell ṣiṣẹ́ nígbà náà, fi wọ́n sábẹ́ maikirosikóòpù, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe lẹ́yìn ìtànṣán. Ìwúkàrà tó pé dúró gbári. Ọmọ ti yọ lára ìyá, ó ti tóbi, ó kù kí wọ́n pínyà, wọn ò sì pínyà fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àwọn tí kò ní RAD9 kò dúró rárá. Wọ́n pín, wọ́n tún pín, pẹ̀lú okùn jíjá nínú, wọ́n sì kú lẹ́yìn ìran díẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Wọ́n mú oògùn kan tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pín, wọ́n fi dá àwọn aláìní RAD9 yìí dúró tipátipá fún wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìtànṣán, wọ́n wá fọ oògùn náà kúrò. Oògùn yìí kì í tún DNA ṣe, àkókò nìkan ló fún wọn. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí ìbá kú ló yè. A jẹ́ pé gbogbo irinṣẹ́ àtúnṣe ló pé sínú wọn láti ilẹ̀ wá. Ẹni tí yóò sọ pé “ẹ dúró ná, iṣẹ́ kan kù” ni wọn ò ní.

Ọdún 1988 ni Weinert àti Hartwell tẹ àbájáde yìí jáde. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún irú ètò bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é títí dòní: ibùdó àyẹ̀wò. Orúkọ náà lè mú kéèyàn rò pé ibì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti gbé igi dábùú ọ̀nà. Kò sí irú ibẹ̀. Ohun tó wà ni àwọn purotéènì tó ń kíyè sí bí nǹkan ṣe ń lọ, bí wọ́n bá sì rí àléébù, wọ́n á di ẹ́ńsáìmù kan lọ́wọ́ mú. Bí ẹ́ńsáìmù náà kò bá lè ṣiṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì kò lè pín. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àyẹ̀wò ṣe ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹ́ńsáìmù yẹn.

Edinburgh, nílẹ̀ Sikọ́tílándì, ni ìtàn tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ọdún 1970 sí 1980, lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul Nurse. Ìwúkàrà ni tirẹ̀ náà, àmọ́ oríṣi mìíràn ni, tó rí gbọọrọ bí ọ̀pá kékeré. Orí méjèèjì ni ìwúkàrà yìí fi ń gùn, tó bá sì gùn tó bíi ìdá 14 nínú 1,000 mìlímítà, á pín ní àárín gbùngbùn. Ìrísí yìí wúlò gan-an fún olùwádìí, nítorí pé gígùn rẹ̀ nìkan ti tó láti fi mọ ìgbà tó pín. Nurse rí àwọn kan tí wọ́n ń pín nígbà tí wọn ò tíì ju ìdajì gígùn yẹn lọ. Wọ́n kéré, ṣùgbọ́n ara wọn le. Jíìnì tó bàjẹ́ lára wọn ló pè ní wee1. Ẹ ro ó wò: bí jíìnì kan bá bàjẹ́, tí sẹ́ẹ̀lì sì wá ń pín ṣáájú àkókò, iṣẹ́ jíìnì yẹn nígbà tó pé ni láti máa fawọ́ ìpínyà sẹ́yìn.

Ó kó irú àwọn kékeré bẹ́ẹ̀ jọ tó bíi 50. Gbogbo wọn ló jẹ́ pé wee1 kan náà ló bàjẹ́, àfi ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn ló so èso jù. Jíìnì tó yí padà lára rẹ̀ ni cdc2, àwọn onímọ̀ sì ti mọ cdc2 tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí jíìnì tó jẹ́ pé bó bá bàjẹ́ pátápátá, sẹ́ẹ̀lì kò ní pín mọ́ láéláé, yóò kàn máa gùn lọ ni. Jíìnì kan ṣoṣo ni, bó bá bàjẹ́ báyìí, ìpínyà kò wáyé rárá, bó bá yí padà báyẹn, ìpínyà yá ju bó ti yẹ lọ. A ò tún ní wá ọ̀gá lọ síbòmíràn. Ní 1987, Melanie Lee àti Nurse da àwọn jíìnì èèyàn sínú ìwúkàrà tí cdc2 rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, wọ́n ń wò ó bóyá ọ̀kan nínú wọn á gbà á là. Ọ̀kan gbà á là lóòótọ́. Purotéènì tí jíìnì èèyàn náà ń ṣe ni à ń pè ní Cdk1 lónìí. Bílíọ̀nù ọdún kan ó lé ló ti kọjá lẹ́yìn tí ìdílé wa àti ti ìwúkàrà ti pínyà, síbẹ̀ ìwúkàrà ṣì lè lo tiwa.

Ṣùgbọ́n iye Cdk1 tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ń dàgbà, ó wà níbẹ̀ nígbà tó ń da DNA rẹ̀ kọ ní ẹ̀dà kejì, ó wà níbẹ̀ nígbà tó ń pín. Sẹ́ẹ̀lì èèyàn tó ń pín kíákíá nínú àwo ìwádìí a máa lo bíi wákàtí 24 láti ìpínyà kan sí èkejì, wákàtí kan péré tàbí kó dín ni ìpínyà fúnra rẹ̀ sì ń gbà. Kí wá ni Cdk1 ń ṣe ní gbogbo wákàtí yòókù?

Ẹyin ẹran òkun kan tó rí roboto, tí ẹ̀gún gbọọrọ bo gbogbo ara rẹ̀, ló dáhùn. Ní oṣù keje 1982, Tim Hunt láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní Woods Hole, létí òkun Amẹ́ríkà. Ó da àtọ̀ pọ̀ mọ́ ẹyin wọ̀nyí, ó sì fi èròjà tó ń tan ìtànṣán díẹ̀ sínú omi wọn, kí gbogbo purotéènì tuntun tí ẹyin bá ṣe lè hàn lórí fíìmù. Purotéènì tuntun ń pọ̀ sí i láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, bó ṣe rò. Ẹyọ kan ló ń ṣe ségesège: á pọ̀, á pọ̀, nígbà tí ẹyin bá sì fẹ́ pín, á pòórá. Lẹ́yìn ìpínyà, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ayé ìgbà náà kò mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì a máa dìídì ba purotéènì ara rẹ̀ jẹ́ ní wákàtí kan pàtó báyẹn. Sáíkílìnì ni Hunt pè é. Nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé òun ni ẹnì kejì Cdk1. Kínéèsì ni Cdk1, kínéèsì yìí kò sì lè dá ohunkóhun ṣe àfi bí sáíkílìnì bá wà lára rẹ̀. Hartwell, Hunt àti Nurse ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ ìṣègùn ní 2001.

Ẹ jẹ́ ká wá sún mọ́ Cdk1 fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ kínéèsì kò ju ẹyọ kan lọ: á mú fọ́sífétì kan lára ATP, èròjà tó ń gbé agbára káàkiri sẹ́ẹ̀lì, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara purotéènì mìíràn. Purotéènì tí fọ́sífétì bá lẹ̀ mọ́ lára á yí ìrísí padà, ìwà rẹ̀ á sì yí padà pẹ̀lú. Bí Cdk1 bá ń ṣiṣẹ́ gidi, ọgọ́rọ̀ọ̀rún purotéènì ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni ìpínyà: awọ tó bo DNA á túká, DNA á ká jọ di kúrómósómù kíkì, àwọn fọ́nrán tí yóò fà wọ́n sí apá méjì á sì nà jáde.

Bí Cdk1 bá dá wà, ẹnu rẹ̀ pa dé. Apá kan lára rẹ̀ ṣẹ́ bo ibi tí purotéènì mìíràn ìbá gbà wọlé, ATP náà kò sì jókòó dáadáa. Bí sáíkílìnì bá ti gbá a mọ́ra, apá tó ṣẹ́ bo ẹnu náà á sún kúrò. Ẹ́ńsáìmù mìíràn á wá lẹ fọ́sífétì kan mọ́ apá náà kó má bàa padà. Èèyàn lè rò pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Rárá. Wee1, ẹni àná wa, wà níbẹ̀. Kínéèsì ni òun náà, ó sì ń lẹ fọ́sífétì tirẹ̀ mọ́ ipò kẹẹ̀ẹ́dógún lára Cdk1, lẹ́bàá ibi tí ATP ń jókòó sí gan-an. Fọ́sífétì kékeré yẹn ti tó láti sọ gbogbo ẹ́ńsáìmù náà di aláìlágbára.

Nítorí náà, fún wákàtí mélòó kan kí ìpínyà tó bẹ̀rẹ̀, sáíkílìnì ń pọ̀ sí i, Cdk1 tó ti gbá sáíkílìnì mọ́ra ń pọ̀ sí i, Wee1 sì ń ti gbogbo wọn pa. Mọ́tò tí dírẹ́bà tẹ torótù rẹ̀ dé ilẹ̀, tó sì tún fi ẹsẹ̀ kejì tẹ búréèkì pa, ló rí bẹ́ẹ̀: agbára ti wà nílẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lórí búréèkì, eré ni.

Ẹni tó ń yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí búréèkì náà ni Cdc25. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti já fọ́sífétì tí Wee1 lẹ̀ mọ́ Cdk1 dànù. Ibi tí ọgbọ́n ètò yìí wà nìyí, lójú tèmi: Cdk1 díẹ̀ tó bá bọ́ lọ́wọ́ Wee1 a máa padà lẹ fọ́sífétì mọ́ Cdc25, ìyẹn á sì mú kí Cdc25 túbọ̀ ṣiṣẹ́. A sì tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ Wee1, ìyẹn á mú kí Wee1 rọ. Díẹ̀ tú púpọ̀ sílẹ̀, púpọ̀ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, Cdk1 tó ti wà ní títìpa fún wákàtí mélòó kan á jí pátá. Sẹ́ẹ̀lì kì í wọ ìpínyà ní ìdajì, á wọ̀ ọ́ tàbí kó má wọ̀ ọ́.

Ní 1993, Béla Novák àti John Tyson fi ìṣirò lásán sọ pé bí ètò náà bá rí báyìí lóòótọ́, iye sáíkílìnì tó ń jí Cdk1 gbọ́dọ̀ ju iye tó lè mú kó máa wà lójúfò lọ. Bó bá ti jí, kì í tètè sùn. Ọdún 10 lẹ́yìn náà ni àwọn olùwádìí dán an wò nínú omi tí wọ́n fà jáde láti inú ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n sì bá a.

A lè wá padà sí okùn tó já. Ẹ jẹ́ ká mú sẹ́ẹ̀lì èèyàn kan tó ti da DNA rẹ̀ kọ tán, tó sì kù díẹ̀ kó pín. Ìtànṣán kọjá lára rẹ̀, ó gé okùn náà níbì kan. Purotéènì kan tó ń jẹ́ ATM (kì í ṣe ti báńkì) a tètè mọ̀ pé orí okùn méjì wà ní gbangba. Bí wọ́n ṣe ń bó orí okùn náà láti tún un ṣe, èkejì rẹ̀, ATR, á dé. Kínéèsì ni àwọn méjèèjì. Wọ́n á lẹ fọ́sífétì mọ́ kínéèsì mìíràn, Chk1, ìyẹn ló sì ń jíṣẹ́ fún Cdc25. Fọ́sífétì tí Chk1 lẹ̀ mọ́ Cdc25 kì í ṣe irú èyí tó ń mú un ṣiṣẹ́. Ibòmíràn ló lẹ̀ ẹ́ mọ́, purotéènì kan á sì wá dì mọ́ ibẹ̀, á mú Cdc25 kúrò nídìí Cdk1. Oríṣi Cdc25 mìíràn wà tí wọn ò tilẹ̀ fi pamọ́, ṣe ni wọ́n ń bà á jẹ́ pátápátá. Wee1 nìkan ló kù lórí ọ̀rọ̀. Cdk1 wà níbẹ̀, sáíkílìnì wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tí yóò já fọ́sífétì dànù. Sẹ́ẹ̀lì dúró. Bí àtúnṣe bá parí, Chk1 á dákẹ́, Cdc25 á padà, ìpínyà á bẹ̀rẹ̀.

Kí n má bàa ṣi yín lọ́nà: ìwúkàrà burẹ́dì tí Weinert lò kì í gba ọ̀nà Wee1 yìí láti dúró bí DNA rẹ̀ bá já. Ibi tó jìnnà sí i nínú ìpínyà ló ti ń dúró. Ìwúkàrà Nurse àti àwa èèyàn ló ń lo Wee1.

Ọwọ́ kejì tún wà tó ń di kínéèsì mú, èyí sì lọ́ra díẹ̀. ATM náà ló ń ta p53 jí. Iṣẹ́ p53 ni láti tan àwọn jíìnì kan, ọ̀kan nínú wọn sì ń ṣe purotéènì p21, tó ń lẹ̀ típẹ́ mọ́ àwọn mọ̀lẹ́bí Cdk1 tó ń bẹ̀rẹ̀ ìdàkọ DNA. Ó ń gba wákàtí díẹ̀ kí p21 tó pọ̀ tó, nítorí pé wọ́n ní láti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bó bá ti dé, ó lè dá sẹ́ẹ̀lì dúró fún ọjọ́ pípẹ́, nígbà mìíràn títí ayé.

Pípa Cdk1 lẹ́yìn iṣẹ́ kò gba ọ̀nà fọ́sífétì ní tirẹ̀. Sáíkílìnì ni wọ́n ń bà jẹ́, bí Hunt ṣe rí i. Purotéènì ńlá kan á lẹ àmì mọ́ sáíkílìnì, ẹ̀rọ tó ń rún purotéènì nínú sẹ́ẹ̀lì á gbé e, á rún un, Cdk1 á sì di aláìlẹ́nìkejì. Kò sí ìpadàsẹ́yìn níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sáíkílìnì mìíràn á tún un ṣe ni. Ohun ńlá tó ń lẹ àmì yìí kan náà ló ń já ìdè tó so ẹ̀dà kúrómósómù méjì pọ̀, kí wọ́n lè pínyà. Nítorí náà àyẹ̀wò tó kẹ́yìn wà lọ́rùn rẹ̀: kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ àfi bí gbogbo kúrómósómù 46 èèyàn bá ti so mọ́ fọ́nrán tó ń fà wọ́n.

Èyí tí kò tíì so ló ń pariwo. Conly Rieder àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1995 bí ariwo náà ti lágbára tó. Wọ́n lo sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ẹranko kékeré kan láti Ọsirélíà, tí kúrómósómù rẹ̀ kò pọ̀, tí wọ́n sì tóbi. Wọ́n dúró títí ó fi ku ojú ìsopọ̀ kan ṣoṣo tí kò tíì so mọ́ fọ́nrán. Sẹ́ẹ̀lì náà kò pín, ó ń dúró dè é. Wọ́n wá fi ìmọ́lẹ̀ lésà jó ojú ìsopọ̀ kan yẹn run. Kúrómósómù náà kò so síbẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tí yóò pariwo mọ́, sẹ́ẹ̀lì sì pín láìpẹ́. Kì í ṣe pé sẹ́ẹ̀lì ń ka kúrómósómù tó ti so. Ariwo ló ń gbọ́, bí ariwo bá ti dákẹ́, ó ti tán lójú tirẹ̀.

Ibi tí irú ètò yìí ti kùnà pọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá pa alárìíwísí lẹ́nu mọ́ ti ṣẹ́gun àyẹ̀wò, yálà iṣẹ́ parí tàbí kò parí. Nínú bíi ìdajì àwọn jẹjẹrẹ tó ń ṣe èèyàn, jíìnì p53 ti bàjẹ́. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ní ọ̀nà tirẹ̀: jíìnì p53 sábà máa ń pé lára rẹ̀, àmọ́ kòkòrò àìrí HPV tó fa àìsàn náà ní purotéènì kan, E6, tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì máa rún p53 ara rẹ̀. Wọn ò rí p53 lò, p21 kò sì jáde. Sẹ́ẹ̀lì tí DNA rẹ̀ já á máa dàkọ, á máa pín, àṣìṣe á máa gorí àṣìṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún kí kókó tó yọ. Kòkòrò yìí ni abẹ́rẹ́ tí ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní oṣù kẹwàá 2023 ń dènà. Abẹ́rẹ́ náà kì í tún p53 ẹni tó ti ní kòkòrò náà lára ṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ gún ọmọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkùnrin lò pọ̀.

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kò ní p53 kì í ṣe aláìnídìí pátápátá, ó ṣì ní Wee1. Nígbà tí wọ́n bá fi ìtànṣán tàbí oògùn já DNA rẹ̀ nílé ìwòsàn, kò lè dúró kó tó dàkọ, àmọ́ ó ṣì lè dúró kó tó pín, ibẹ̀ ló ti ń rí àkókò tún ara rẹ̀ ṣe. Èyí ló mú kí àwọn onímọ̀ ṣe oògùn tó ń dá Wee1 lọ́wọ́ kọ́. Bí Wee1 bá rọ, Cdk1 á jí nígbà tí kò yẹ kó jí, sẹ́ẹ̀lì á wọ ìpínyà pẹ̀lú DNA jíjá, á sì kú bí ìwúkàrà aláìní RAD9 ṣe ń kú. Wọ́n ti dán irú oògùn bẹ́ẹ̀ wò lára àwọn aláìsàn, kókó jẹjẹrẹ àwọn kan sì sún kì. Àmọ́ Wee1 wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ń pín, títí kan àwọn tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ nínú mùdùnmúdùn egungun àti àwọn tó bo inú ìfun. Ìgbẹ́ gbuuru àti ẹ̀jẹ̀ tó ń dín kù ló sábà máa ń mú kí dókítà dín ìwọ̀n oògùn náà kù tàbí kó dá a dúró, bí kókó náà tilẹ̀ ṣì ń sún kì.